Ẹ bá mi yẹ ìwé yìí wò: bí òbí ṣe lè ka ara ọ̀rá ìpápánu nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ọmọ kan wà ní kíláàsì kejì wa tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà àti kajú. A ti bẹ àwọn òbí yòókù pé kí wọ́n má fi nǹkan ẹlẹ́pà sínú ìpápánu tí wọ́n ń dì fún ọmọ wọn.

Bàbá kan wá mú ọ̀rá bisikíìtì méjì wá bá mi. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Ọ̀rá ńlá kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀pà, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá kékeré pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀pà wà nínú rẹ̀. Ó ní èwo ni kí òun gbà gbọ́ nínú méjèèjì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á bí òbí, kí ẹ sọ ibi tí kò bá ti yé yín.

*Ẹ̀yin òbí wa,*

*Ẹ má ṣe fi àwòrán iwájú ọ̀rá ṣe ẹ̀rí. Ẹ yí i padà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n to èròjà sí, kí ẹ sì kà á dé òpin. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, nítorí náà ẹ̀pà tí kò tó nǹkan lè wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ti tó láti ṣe ọmọ yìí léṣe.*

*Ẹ wá ẹ̀pà, kí ẹ sì wá àwọn nọ́ọ̀tì orí igi lọ́tọ̀, bíi kajú, álímọ́ńdì àti wọ́línọ́ọ̀tì. Inú ilẹ̀ ni ẹ̀pà ń so, ìdílé ẹ̀wà ló sì ti wá, nítorí náà ọ̀rá tó bá ní òun kò ní nọ́ọ̀tì orí igi nínú kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀pà. Wọ́n tún máa ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ mìíràn: álímọ́ńdì lílọ̀ ló wà nínú másípáànì, òróró ẹ̀pà ni wọ́n ń pè ní òróró aráṣísì, pralíìnì àti nugá náà kì í sábà wà láìsí nọ́ọ̀tì.*

*Lábẹ́ èròjà, ẹ ó rí ìlà kan tàbí méjì. Bí ó bá sọ pé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni. Bí ó bá sọ pé ẹ̀pà lè wà nínú rẹ̀, tàbí pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan ẹlẹ́pà ni wọ́n ti ṣe é, wọn kò fi sí i, ṣùgbọ́n ó lè ti ta sí i. Ẹ má gbé ìkankan nínú méjèèjì wá síléèwé.*

Bàbá Kọ́lá

Ìwé yìí dára, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún bàbá yẹn pé kó fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rá ńlá. Òfin ló ní kí wọ́n kọ ẹ̀pà sí i. Tí wọn ò bá kọ ọ́, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Tóbi

Ẹ ṣeun, Bàbá Kọ́lá, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìmọ́tótó ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí òfin sọ ọ́ di dandan láti kọ ni ẹ̀pà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i. Ìlà tó ní "ó lè wà nínú rẹ̀" yẹn, ìfẹ́ inú ilé-iṣẹ́ ni níbi púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan lè kọ ọ́, òmíràn tó ń lo irú ẹ̀rọ kan náà lè má kọ nǹkan kan.

Ní ti ọ̀rá méjèèjì, kò yà mí lẹ́nu. Ńlá àti kékeré kì í sábà gba orí ẹ̀rọ kan náà kọjá, nígbà mìíràn ìlú tí wọ́n ti ṣe wọ́n gan-an yàtọ̀. Ká ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe kékeré ni wọ́n fi ń ṣe ti oníṣokoléètì ẹlẹ́pà láàárọ̀. Omi àti ṣokoléètì kì í rẹ́, nítorí náà a kì í sábà fi omi fọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. À ń ha á, à ń nù ún, a sì ń da ṣokoléètì tí kò ní ẹ̀pà gba inú rẹ̀ kọjá láti fi ṣan án. Ìyókù ẹ̀pà lè há síbì kan síbẹ̀. Nítorí náà ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀, kò lè jẹ́rìí èkejì.

Nọ́ńbà fóònù wà lẹ́yìn ọ̀rá. Kí bàbá náà pè wọ́n, ṣùgbọ́n kó má bi wọ́n pé "ṣé kò léwu?" Ọmọ orí fóònù á ní kò léwu. Kó bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ̀pà ń gba orí ẹ̀rọ tí ẹ fi ṣe èyí kọjá?" Kó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sítòsí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ fún wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Àǹtí Bísí

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Tí ọmọ mi bá ti mu mílíìkì, inú á máa run ún, á sì máa yàgbẹ́. Ṣé kí n máa wá mílíìkì lára ọ̀rá bákan náà?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Àǹtí Bísí, ó lè jẹ́ pé ṣúgà inú mílíìkì ni inú rẹ̀ kò lè lọ̀. Ìyẹn ń nini lára, àmọ́ kì í dí ọ̀nà ọ̀fun bí ẹ̀pà ṣe lè ṣe fún ọmọ yìí. Ẹ mú un lọ rí dókítà kí ẹ tó yọ mílíìkì kúrò pátápátá, torí àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kọ mílíìkì gan-an.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ni ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan méjì kún un. Àwọn ọ̀rá kéékèèké tó máa ń wà nínú ọ̀rá ńlá kan, wọn kì í sábà kọ èròjà sára wọn. Òbí á ju ọ̀rá òde nù, á fi èyí tó wà nínú sí báàgì ọmọ, olùkọ́ kò sì ní rí nǹkan kan kà. Ẹ ní kí wọ́n gé ibi tí èròjà wà lára ọ̀rá òde, kí wọ́n fi sínú báàgì. Èkejì, kí wọ́n máa kà á nígbàkigbà tí wọ́n bá rà á, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń rà tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ lè pa èròjà dà láìyí àwọ̀ ọ̀rá padà.

Àmọ́ mi ò fara mọ́ fífòfin de gbogbo ọ̀rá tó ní "ó lè wà nínú rẹ̀" fún odindi iléèwé. Ìpápánu tí yóò ṣẹ́ kù fún àwọn yòókù ò ní pọ̀. Ẹ fi òfin yẹn mọ sí kíláàsì rẹ̀ àti tábìlì tó ti ń jẹun.

Bàbá Kọ́lá

Àwọn ọmọ tó ń pààrọ̀ oúnjẹ ní pápá ńkọ́? Wọn ò mọ ààlà kíláàsì o.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin lẹ rí i bẹ́ẹ̀, Bàbá Kọ́lá. Ọmọ tèmi ti mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni tiwa, ìyá rẹ̀ sì ní kò tíì lè kọ súìtì. Màá gbé ọ̀rọ̀ ààlà yẹn lọ bá ọ̀gá iléèwé àti àwọn òbí ọmọ náà, kì í ṣe èmi nìkan ni yóò pinnu rẹ̀. Mo ti fi ti ọ̀rá òde sínú ìwé, mo sì ti fi gbólóhùn yìí kún ìparí rẹ̀: *Bí ẹ kò bá rí ìkìlọ̀ kankan, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀pà kò kan oúnjẹ náà rárá. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi ọ̀rá náà ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì fi nǹkan mìíràn sí báàgì ọmọ lọ́jọ́ náà.*

Bàbá ọlọ́rá méjì ti pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n gba nọ́ńbà ara ọ̀rá ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn á pè é padà. Kí wọ́n tó pè, méjèèjì ò gbọdọ̀ wọ kíláàsì kejì.