Kí ló dé tí báǹkì fi ní mílíọ̀nù 11 péré ni òun lè yá mi?

Ìyá Tọ́lá, Agodi: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 45 ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Akóbọ̀ tí onílé ń pè ní mílíọ̀nù 24 náírà. Ètò owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wa sí, ni mo fẹ́ fi yá owó náà, èlé ìdá 6 lọ́dún. Báǹkì sọ fún mi pé ìdá 80 ni àwọn ń yáni, kí n wá ìdá 20. Mo ti tọ́jú mílíọ̀nù 5, mo sì rò pé ó ti tó. Àfi bí wọ́n ṣe ní mílíọ̀nù 11 àti díẹ̀ ni àwọn lè yá mi. ₦420,000 ni owó oṣù tó ń wọlé fún mi kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó yọ ₦45,000 lóṣù lórí gbèsè tí mo jẹ wọ́n. Níbo ni mo ti ṣìṣe?

Bàbá Ṣọlá, Móníyà: Ẹ ò ṣìṣe rárá. Ẹni tó wá díye lé ilé náà ló fà á. Báǹkì kì í wo iye tí onílé pè bí iye tí ẹni yẹn kọ bá kéré sí i. Ẹ yá ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, ọ̀rọ̀ parí.

Alásọ Gbági: Èmi ò gba owó oṣù, aṣọ ni mò ń tà. Nígbà tí mo lọ sí báǹkì, mo fi ìwé àjọ mi hàn wọ́n, oṣù mẹ́rìnlélógún tí n kò pa ọjọ́ kankan jẹ, akọ̀wé náà sì rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. Ó ní ohun tó bá gba inú àkáǹtì kọjá nìkan ni òun lè kà. Ìyá Tọ́lá, ṣé wọ́n ka owó àjọ tiyín?

Àgbà Dùgbẹ̀: Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ti Alásọ yàtọ̀ sí tiyín, nítorí ìwé owó oṣù yín ti sọ ohun tó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó nídìí irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Èló ni ẹni tó díye lé ilé náà kọ?

Ìyá Tọ́lá, Agodi: Mílíọ̀nù 20 ni, sà.

Àgbà Dùgbẹ̀: Ó yé mi. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣọlá níbẹ̀: ìdá 80 nínú mílíọ̀nù 20 ni báǹkì lè wò, ìyẹn mílíọ̀nù 16, kì í ṣe mílíọ̀nù 19.2 tí ẹ ti fọkàn sí. Bí onílé kò bá dín owó rẹ̀, mílíọ̀nù 8 ni ẹ máa kọ́kọ́ mú jáde, nítorí mílíọ̀nù 4 tó wà láàárín iye tó pè àti iye tí wọ́n dá lé ilé náà, ọwọ́ yín nìkan ló ti máa wá.

Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ló sọ owó náà di mílíọ̀nù 11, owó oṣù yín ni. Báǹkì yín ń wo ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé, ìyẹn ₦140,000, pé gbèsè gbogbo tí ẹ ń san lóṣù kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ ₦45,000 ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kúrò, ₦95,000 ló kù. Ẹ máa fẹ̀yìn tì ní 60, nítorí náà ọdún 15 péré ni wọ́n lè pín in sí. ₦95,000 lóṣù fún ọdún 15 ní èlé ìdá 6 kò lè gbé ju bíi mílíọ̀nù 11.25 lọ. Iye tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni wọ́n máa ń mú. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má yá kọ́bọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà: orí ìwé owó oṣù kan náà ni yíyọ rẹ̀ yóò ti hàn. Oṣù mélòó ló kù nínú gbèsè náà?

Ìyá Tọ́lá, Agodi: Oṣù méje.

Àgbà Dùgbẹ̀: ₦315,000 nìyẹn. Ẹ san án pátápátá lára mílíọ̀nù 5 yín, kí ẹ gba ìwé pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́, kí ẹ sì dúró títí ìwé owó oṣù tuntun yóò fi jáde láìsí yíyọ náà. ₦140,000 á lè gbé bíi mílíọ̀nù 16.6, báǹkì á sì lè yá yín mílíọ̀nù 16 tí ilé náà gbà.

Bàbá Ṣọlá, Móníyà: Ẹ ṣeun, sà. N kò mọ̀ pé gbèsè kékeré lè dínà ńlá bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tọ́lá, Agodi: Mo ti san án. Mo fi ìwé iye ilé náà han onílé, ó sì gbà sí mílíọ̀nù 22. Mílíọ̀nù 6 ni kí n wá báyìí, ₦4,685,000 ló wà lọ́wọ́ mi, owó lọ́yà kò sì sí níbẹ̀. Ṣé kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀?

Àgbà Dùgbẹ̀: Ní ti báǹkì, ìdúró ọdún kan kò ní pa yín lára púpọ̀: ọdún 14 ni yóò kù, owó náà á wá sí bíi mílíọ̀nù 15.88. Onílé ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Alásọ Gbági: Ẹ bi í bóyá yóò gba àsansílẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ yín kó má tà á fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ máa gbà á padà bí báǹkì bá kọ̀.

Ìyá Tọ́lá, Agodi: Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa padà lọ bá a. N kò tíì mọ ohun tó máa sọ.