Orúkọ wo ni ó yẹ àwọn èpò inú ebè tẹ̀tẹ̀?

Olùbéèrè, Ìlọrin:

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sétí odò Àsà. Nínú ebè tẹ̀tẹ̀ kan tí mo yẹ̀ wò, mo rí pápásan, gbúre, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, imí-ẹṣú, àti koríko kan tí igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta. Àwọn kan ṣeé jẹ, àwọn kan kò ṣe nǹkan, àwọn kan sì burú, síbẹ̀ èpò kan náà ni à ń pe gbogbo wọn. Orúkọ wo ni kí n fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan?

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán:

Èmi kò rí ìdí tí a ó fi máa wá orúkọ tuntun nígbà tí èdè ti ní ọ̀kan nílẹ̀. Ohun tó bá hù láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín, lalẹ̀hù ni àwọn àgbà ń pè é, nítorí pé ó la ilẹ̀, ó sì hù. Kí a pe pápásan, gbúre àti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ní ẹ̀fọ́ lalẹ̀hù, kí a sì fi èpò sílẹ̀ fún imí-ẹṣú àti koríko onígun mẹ́ta yẹn. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé ènìyàn lè ṣi ohun mìíràn mú fún pápásan, ìyẹn kò le rárá. Kí ó dá igi rẹ̀ sí méjì. Bí oje funfun bíi wàrà bá jáde, kí ó sọ ọ́ nù; bí omi lásán ni, pápásan ni, kí ó wọ ìkòkò.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀ffà:

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn èpò wọ̀nyí ti ń wá fún wa. Nígbà kan mo ra ìgbẹ́ màlúù tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní tó wà nítòsí wa, mo sì dà á sí ebè ṣọkọ mi láìjẹ́ kó jẹrà. Kò pẹ́ tí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún fi bo ilẹ̀ débi pé n kò rí ṣọkọ mọ́, ẹ̀gún sì gún ọmọ tó ń bá mi já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ yánnayànna. Ẹni tó bá ní kí n pe ìyẹn ní ẹ̀fọ́, kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a.

Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, Àjàṣẹ́-Ìpo:

Mo kí Bàbá Olùkọ́, mo sì kí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ìyá, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti wá ni a bi wá, àmọ́ ẹ ti fọwọ́ kan ohun tó tọ́. Èso tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kéré, ó sì le, ó lè gba inú màlúù kọjá kó ṣì hù. Bí a bá kó ìgbẹ́ náà jọ, tí a bomi rin ín, tí inú òkìtì náà gbóná débi pé ọwọ́ kò lè pẹ́ níbẹ̀, púpọ̀ nínú irúgbìn èpò tó wà láàárín yóò kú. Èyí tó wà lẹ́yìn òkìtì, níbi tí ooru kò dé, kò ní kú, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa yí i padà kí tẹ̀yìn lè bọ́ sínú.

Ní ti orúkọ, lalẹ̀hù dára létí, ṣùgbọ́n bí ohun náà ṣe dé ni ó ń sọ, kò sọ ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ fi í ṣe. Tẹ̀tẹ̀ rere tí èso rẹ̀ gbọ̀n sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lalẹ̀hù ni; imí-ẹṣú náà, lalẹ̀hù ni. Bí a bá sì ní kí a máa pè wọ́n ní èpò jíjẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebè. Pápásan ni yóò jẹ́ ẹ̀rí mi. Ó ṣeé jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọkọ́ ro ó lẹ́yìn òjò tí a sì fi í sílẹ̀ lórí ebè, igi tí ọkọ́ gé wẹ́wẹ́ lè ta gbòǹgbò, nítorí pé omi ara rẹ̀ ń gbé e ró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èyí tó ti yọ òdòdó tilẹ̀ lè gbó èso rẹ̀ níbi tí a fà á jù sí. Ẹni tó ro pápásan tí kò kó o kúrò ti fi ọkọ́ gbìn ín. Nítorí náà, bí ìwé pélébé yẹn bá pè é ní ẹ̀fọ́ lásán, yóò ṣi àgbẹ̀ lọ́nà, bí ó bá sì pè é ní èpò lásán, ẹ̀fọ́ rere yóò kú sẹ́yìn ọgbà.

Bàbá Olùkọ́, ìdánwò oje funfun yín yóò yọ àwọn ewéko olóje tó ń nà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni. Irú kan wà tí omi ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi ti pápásan, tí igi rẹ̀ kún, tí òun náà sì ń rákò. Ẹ wo ewé rẹ̀: méjì-méjì ni wọ́n ń dojú kọ ara wọn, ọ̀kan sì máa ń tóbi ju èkejì lọ. Òdòdó rẹ̀ funfun tàbí kí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì máa ń fara pamọ́ sínú àpò kékeré kan ní ìdí ewé. Òdòdó pápásan ní tirẹ̀ dà bí àwọ̀ ìyeyè, ó máa ń wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka, ó ń là nígbà tí oòrùn òwúrọ̀ bá mú, ó sì ń pa dé kí ọjọ́ tó rọ̀. Bí èso rẹ̀ bá gbó, orí rẹ̀ á ṣí bí ọmọrí, àwọn kóró dúdú wínníwínní á sì dà jáde. Ewé gbígbó ti irú kejì yẹn lè ru ènìyàn nínú. Ẹni tí kò bá dá a lójú, kí ó dúró de òdòdó kí ó tó gbé e sínú ìkòkò.

Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ni ó ṣòro jù nínú ebè tí olùbéèrè yẹ̀ wò, nítorí pé nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò tíì ní ẹ̀gún, kò sì yàtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀ tí a gbìn. Ẹ̀yìn ìgbà tí ewé bá ti pọ̀ díẹ̀ ni ẹ̀gún méjì-méjì á yọ ní ìdí ewé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa máa ń fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ká orí ebè, nítorí náà wọn kò ní ọ̀nà láti mọ èyí tí í ṣe tiwọn. Bí a bá gbìn ín ní ìlà-ìlà, tí a fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí àárín ìlà kan àti èkejì, ohunkóhun tó bá hù sí àárín ìlà kì í ṣe tiwa, a sì lè fà á tu nígbà tó ṣì rọ̀. Ewé rẹ̀ ọ̀dọ́ ṣeé sè, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń ká ewé tẹ̀tẹ̀, tó ń jẹ ẹ́ di asẹ́, ń jẹ òun náà, ó sì ń jẹ irú kejì pápásan tí mo ṣàpèjúwe lókè. Bí a bá fi wọ́n sí etí ebè tẹ̀tẹ̀, a ń bọ́ kòkòrò náà de ẹ̀fọ́ wa ni.

Imí-ẹṣú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó láti dá a mọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ọwọ́ lásán sì tó láti fà á kí ó tó yọ òdòdó. Àwọn ènìyàn ń fún un sójú egbò, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi sí ìsọ̀rí jíjẹ, nítorí pé ohun tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú rẹ̀.

Koríko onígun mẹ́ta ni ọ̀tá gidi. Bí a bá fà á, ewé á já sí wa lọ́wọ́, kóró tó wà nísàlẹ̀ á sì tún hù. Bí a bá fi ọkọ́ gé gbòǹgbò tó so àwọn kóró náà pọ̀, ńṣe ni a jí àwọn tó ń sùn. Irú tí kóró rẹ̀ dá dúró ní ìpẹ̀kun gbòǹgbò, tó sì dùn, ìbátan ófíò ni. Irú tí kóró rẹ̀ dúdú, tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀, tó sì korò, ni ó burú jù. Fọ́ọ̀kì ni kí a fi gbé ilẹ̀ sókè ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí a ṣa kóró náà, kí oòrùn sì gbẹ èyí tó kù. Kò ní tán lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, orúkọ iṣẹ́ ni mo dábàá: *àfàtu* fún èyí tí ọwọ́ tó, *àwatu* fún èyí tí a gbọ́dọ̀ wa jáde, *àfisílẹ̀* fún èyí tó lè dúró. Ní ti jíjẹ, kí a ya àmì ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ. Pápásan yóò jẹ́ àfàtu tó ní ìkòkò. Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ìkòkò náà kò kan ebè tí a fín oògùn sí.

Olùkọ́ èdè, Òmù-Àrán:

Oje funfun ṣì ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a wò, ṣùgbọ́n mo gba ti òdòdó mọ́ ọn. *Àwatu* ni n kò gbà. Ta ni yóò fi àmì ohùn sórí ìwé pélébé ní Ìlọrin? Bí a bá kọ ọ́ láìlámì, àwọn kan á kà á bí ẹni pé a ní kí wọ́n wá a kiri. Hú ni à ń lò fún ohun tí a fi irin yọ nínú ilẹ̀, nítorí náà *àhútu* ni kí ó jẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀ffà:

Ẹ kò tíì sọ ti gbúre. Èmi kì í fà á tu. Létí poro ni mo ń jẹ́ kó wà, mo sì ń tà á.

Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, Àjàṣẹ́-Ìpo:

Ìyá, òótọ́ ni. Létí poro, àfisílẹ̀ ni. Láàárín tẹ̀tẹ̀ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 3, àfàtu ni, nítorí pé igi rẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò bíi ti pápásan, ó sì ń ṣíji bo ẹ̀fọ́ kékeré. Kí ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ń yọ lẹ́nu má ṣe jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì bọ̀ ọ́, kí ó da omi rẹ̀ nù.

Olùkọ́ èdè, Òmù-Àrán:

Orúkọ tó ń yí padà bí ewéko ṣe sún kúrò níbì kan kì í ṣe orúkọ ewéko mọ́, àṣẹ ni. Ẹ kúkú kọ ọ́ bí àṣẹ: fà á tu, hú u, fi í sílẹ̀.

Olùbéèrè, Ìlọrin:

Mo dúpẹ́ gan-an. Bí ó ṣe rí yìí, gbúre yóò wà ní ojú ìwé méjì. Ní ti àwatu tàbí àhútu, àti bóyá orúkọ tàbí àṣẹ ni kí ó jẹ́, n ó ka méjèèjì sí etí àwọn obìnrin tó ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́.