Wọ́n fa ìlà pupa sí mésò mi, ẹ bá mi wò ó

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, inú ń bí mi o. Ìdánwò ọjọ́ Ẹtì, iná ò sì sí nílé láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Olùkọ́ ya 2,3-dáíbúrómòbútéènì, ó ní ká kọ R tàbí S sí i, ká sọ bóyá mésò ni. Orí wẹ́ẹ̀jì ni Br méjèèjì wà, apá kan náà, mo bá kọ mésò. Ó fa ìlà pupa sí i! Ẹni tó jókòó tì mí náà kọ mésò.

Ṣèyí Òdogbolú: O ò ṣírò R àti S ni. Bí ọ̀kan bá jẹ́ R tí ìkejì jẹ́ S, mésò ni. Bí mo ṣe ṣe 2-búrómò-3-kílóróbútéènì tèmi nìyẹn.

Bọ̀dá Ìpẹ́rù: Àbúrò, Fíṣà ni wọ́n fi yà á ni, àbí sígísáàgì?

Ọmọ Ṣágámù: Kí nìyẹn fẹ́ yí padà? Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ fún wa pé bí wọ́n bá wà lápá kan náà, mésò ni.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́: Dá ẹ̀gbọ́n lóhùn ná, kí o tó máa jà.

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ má bínú, mà. Sígísáàgì ni. Br ti C2 kọjú sókè, ti C3 kọjú sísàlẹ̀. Fíṣà ló wà nínú nóòtì.

Bọ̀dá Ìpẹ́rù: Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Wo C2: Br ló ṣáájú, C3 tẹ̀ lé e torí pé Br wà lára rẹ̀, CH3 ìkẹta, H ló gbẹ̀yìn, ó sì wà lẹ́yìn ìwé. Láti Br lókè, gba C3 lọ́tùn-ún, dé CH3 lósì: bí ọwọ́ aago ṣe ń yí nìyẹn, R. Ní C3, Br wà nísàlẹ̀, C2 lósì, CH3 lọ́tùn-ún: bí ọwọ́ aago náà ni. R,R, kì í ṣe mésò.

Ojú ló tàn ọ́. Di C2 mú, kí o yí C3 ní 180 digiri títí CH3 méjèèjì yóò fi wà nísàlẹ̀. Br ti C3 á gòkè, àmọ́ á bọ́ sẹ́yìn ìwé. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Dígí ò lè pín in sí méjì tó bára mu. Irú ìdúró tí CH3 méjèèjì kọjú sápá kan yìí ni Fíṣà máa ń yà, ìdí nìyẹn tí òfin nóòtì rẹ fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nínú sígísáàgì oníkábọ́ọ̀nù mẹ́rin yìí, wẹ́ẹ̀jì kan àti dáàṣì kan ni mésò.

Ṣèyí, tìrẹ ò lè jẹ́ mésò láéláé. Br wà lára ọ̀kan, Cl wà lára ìkejì. Ìdajì méjèèjì ò jọra, R,S yòówù kó jẹ́.

Ṣèyí Òdogbolú: Cis-1,2-dáímẹ́táìlì-sàíkílóhẹkiséènì ńkọ́? Bí a bá yà á bí àga, mi ò rí dígí kankan níbẹ̀, síbẹ̀ mésò ni wọ́n ń pè é.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́: Yà á pẹrẹsẹ, wàá rí i.

Ṣèyí Òdogbolú: Kì í kúkú ṣe pẹrẹsẹ ló wà, mà.

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ̀gbọ́n Ìpẹ́rù, ṣé kò yẹ kí wọ́n fún mi ní ìdajì máàkì ṣá?

Bọ̀dá Ìpẹ́rù: Ṣé o kọ R,R síbẹ̀?

Ọmọ Ṣágámù: Mi ò kọ nǹkan kan. Mésò nìkan ni mo kọ.