Lẹ́tà ilé ìkẹ́rùsí l'Ákùúrẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kòkó ni mo ń rà, mo sì ti rí ilé ìkẹ́rùsí kan l'Ákùúrẹ́. Onílé ní kí n kọ lẹ́tà ohun tí mo fẹ́ kí a tó ṣe ìwé àdéhùn.

Mo ti kọ ọ́ pé kí géètì fẹ̀ tó mítà 5, kí tírélà tó gbé kọ̀nténà 40 ẹsẹ̀ lè wọlé, kó sì yípo nínú ọgbà láìfi ẹ̀yìn jáde sí títì. Ti ààbò, ògiri gíga àti yàrá ọlọ́dẹ ni mo bèèrè (ọlọ́dẹ tí òjò ń pa, ilé ló máa sá lọ). Iná ni wàhálà: fésì mẹ́ta ni ẹ̀rọ tí mo fi ń mú kòkó gbẹ ń lò, fésì kan ló wà níbẹ̀. Onílé ṣèlérí pé òun á fa méjì tó kù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìdajì owó ọdún kan pẹ̀lú lẹ́tà náà.

Mo ti fi sí i pé lẹ́tà náà kò de ẹnikẹ́ni títí a ó fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Bí iná ò bá wá dé, ṣé gbólóhùn yìí nìkan tó láti gba owó mi padà, àbí kí n kọ ọjọ́ tí yóò dá a padà sínú lẹ́tà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.