Ìfomitú, ìfomilà, àbí ìrọ́pò? Lórí ẹ́sítà àti ámáìdì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé ìdánwò kẹ́mísírì ni mo ń túmọ̀. Mo lo "ìfomitú" fún ìgbà tí omi bá sọ ẹ́sítà di ásíìdì àti ọtí. Ṣé òun náà ni kí n lò tó bá jẹ́ kọ́sítíìkì la dà sí i? Kí ni kí n sì pe ìgbà tí ásíìdì àti áámíìnì bá di ámáìdì? Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ara ọ̀rọ̀ náà mọ ohun tí yóò jáde.

Olùkọ́ kẹ́mísírì: "Tú" yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá gbọ́ "ìfomitú" á rò pé ẹ́sítà ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ́sítà kì í bá omi pò, ńṣe ni wọ́n máa ń dá dúró lọ́tọ̀ bí òróró. "Ìfomilà" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí a ti là á. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká mú ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: ìrọ́pò.

Kábọ́ọ̀nù kan wà nínú ẹ́sítà tó fi ìdè méjì mú ọ́síjìn kan, tó sì fi ìdè kan mú ọ́síjìn kejì, èyí tí apá ọtí so mọ́. Àlejò á wá, á so mọ́ kábọ́ọ̀nù yìí, ọ̀kan nínú ìdè méjì ọ́síjìn àkọ́kọ́ á sì já. Ipò yẹn kì í pẹ́. Ìdè tó já á padà, bó bá sì ti ń padà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde. Èyí tó wọlé ni mò ń pè ní àlejò, èyí tó dìde ni mò ń pè ní afàyèsílẹ̀. Nínú kílóráìdì ásíìdì, kílóráìdì ni afàyèsílẹ̀, ìrọ̀rùn ló sì fi ń lọ. Apá ọtí inú ẹ́sítà ń lọ́ra díẹ̀. Naitirójìn inú ámáìdì ló le jù láti lé. Ìdí nìyẹn tí kílóráìdì ásíìdì fi lè di ẹ́sítà tàbí ámáìdì, àmọ́ tí dída iyọ̀ sórí ámáìdì kò lè sọ ọ́ di kílóráìdì ásíìdì.

Atúmọ̀-èdè: Ẹ ṣeun, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ kan di mẹ́ta. Omi ló ń là á, bẹ́ẹ̀ ni tòótọ́. Kọ́sítíìkì kàn ń mú un yára ni. Ẹ́tíìlì bẹnsóéètì pẹ̀lú omi, ásíìdì bẹnsóíìkì àti ẹ́tánọ́ọ̀lù ló máa jáde. Pẹ̀lú kọ́sítíìkì, àwọn kan náà. "Ìfomilà" tó fún méjèèjì.

Olùkọ́ kẹ́mísírì: Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù yẹn tọ̀nà. Ibi ásíìdì nìkan lẹ ti ṣì í, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọmọ ti ń pàdánù máàkì. Ẹ jẹ́ ká wọn ọ́n. Ẹ mú ẹ́tíìlì bẹnsóéètì gíráàmù 15. Kọ́sítíìkì gíráàmù 4 ni yóò jẹ tán pátápátá, torí náà mo máa ń fi gíráàmù 6 sí i kó má baà tán lọ́nà. Ohun tó bá kàn ń mú nǹkan yára kì í tán báyìí. A ó sè é pẹ̀lú omi, a ó sì fi páìpù ìtutù sórí ìgò kí oru má bàa sá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ipele méjì ni ẹ máa rí, òórùn dídùn ẹ́sítà á sì máa tàn. Nígbà tí ipele méjèèjì bá di ọ̀kan tí òórùn yẹn sì lọ, iṣẹ́ ti parí.

Kí ló wà nínú ìgò báyìí? Kò sí ásíìdì bẹnsóíìkì níbẹ̀. Sódíọ̀mù bẹnsóéètì ni, ó sì ti yọ́ sínú omi, ojú ò lè rí i. Ẹ wá máa kán HCl sí i títí omi yóò fi sọ bébà lítímọ́ọ̀sì di pupa. Ìgbà yẹn ni nǹkan funfun á rọ̀ sísàlẹ̀. Ásíìdì bẹnsóíìkì nìyẹn, kò lè ju gíráàmù 12.2 lọ, ó sì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 122 °C. Tí ìbéèrè kò bá mẹ́nu ba HCl, tí ọmọ kọ ásíìdì sílẹ̀, ó ti kùnà.

Ìyàtọ̀ kan tún wà. Tó bá jẹ́ omi àti ásíìdì díẹ̀ la fi sè é, ọtí tó jáde lè padà wọlé bí àlejò, kí ásíìdì tún di ẹ́sítà. Kì í tán pátápátá. Ti kọ́sítíìkì kì í padà, torí ohun tó jáde ti di bẹnsóéètì, ọtí kò sì lè rọ́ wọlé sí i mọ́.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn: Ẹ̀yin ará, ṣé ọṣẹ kọ́ lẹ ń sọ ni? Ọ̀rá àti kọ́sítíìkì. Ẹ pè é ní "ìsọdọṣẹ", ká sinmi.

Olùkọ́ kẹ́mísírì: Fún ọ̀rá, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù bẹnsóéètì kì í hó bí ọṣẹ, okùn kábọ́ọ̀nù gígùn tí ọ̀rá ní kò sí lára rẹ̀. Ọmọ á máa wá ọṣẹ níbi tí kò sí.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀gbọ́n, ti ámáìdì ló kàn mí. Mo da ásíìdì bẹnsóíìkì pọ̀ mọ́ áámíìnì kan lórí tábìlì, ó gbóná lọ́wọ́ mi, nǹkan funfun sì jáde. Inú mi dùn, mo kọ ámáìdì. Wọ́n fagi lé e. Títí dòní mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Olùkọ́ kẹ́mísírì: Iyọ̀ lo ṣe, àbúrò. Áámíìnì kò wọlé bí àlejò rárá. Ó gba haidirójìn lọ́wọ́ ásíìdì, ó di amóníọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni naitirójìn rẹ̀ kò ní ohun tó lè fi so mọ́ kábọ́ọ̀nù mọ́. Bù díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi: á yọ́. Kán HCl sí i: ásíìdì bẹnsóíìkì á padà rọ̀ sísàlẹ̀. Ámáìdì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Tó o bá fẹ́ ámáìdì, o lè mú iyọ̀ yẹn gbóná gan-an kí omi lè kúrò lára rẹ̀, tàbí kó o kọ́kọ́ sọ ásíìdì di bẹnsóíìlì kílóráìdì. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún ìwọ̀n. Bí kílóráìdì bá ṣe ń kúrò, HCl ń jáde, áámíìnì kejì ló sì ń gbé e mì. Tó o bá fi ìwọ̀n áámíìnì kan síbẹ̀ fún ìwọ̀n kílóráìdì kan, tí kò sí kọ́sítíìkì, nǹkan bí ìlàjì nìkan lo máa rí. Áámíìnì tí kò ní haidirójìn kankan lára naitirójìn kò sì ní fún ọ ní ámáìdì.

Atúmọ̀-èdè: Mo gba ti iyọ̀ àti ti kọ́sítíìkì. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kábọ́ọ̀nù yẹn ni ìdè ti já? Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọtí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọtí ni àlejò wọ̀ lára, afàyèsílẹ̀ yín á sì di ẹlòmíì.

Olùkọ́ kẹ́mísírì: Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Lọ́dún 1934, Polanyi àti Szabo fi omi tí ọ́síjìn rẹ̀ wúwo ju ti ìgbà gbogbo ṣe é, pẹ̀lú álíkálì àti ẹ́sítà kan. Ọ́síjìn wúwo yẹn kò sí nínú ọtí tó jáde. Ọ́síjìn tí ọtí ti ní tẹ́lẹ̀ ló gbé lọ, torí náà ẹ̀gbẹ́ kábọ́ọ̀nù ni ìdè ti já.

Mi ò ní fi ọ̀kan pamọ́ fún yín o. Ẹ́sítà wà tí kábọ́ọ̀nù apá ọtí rẹ̀ so mọ́ kábọ́ọ̀nù mẹ́ta mìíràn. Tí a bá fi ásíìdì lé e, ẹ̀gbẹ́ ọtí ló sábà máa ń já sí. "Ìrọ́pò" tèmi kò bá ìyẹn mu dáadáa.

Atúmọ̀-èdè: "Ìfomilà" bá a mu.

Olùbéèrè: Mo dúpẹ́. Màá kọ "ìrọ́pò" sí orí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn, "ìrọ́pò pẹ̀lú kọ́sítíìkì" fún ti álíkálì, kí "iyọ̀" sì dúró gedegbe níwájú "ámáìdì" nínú ìdáhùn. Ti ẹ́sítà oníkábọ́ọ̀nù mẹ́ta yẹn, mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sí i. Ọ̀la ni mo máa dé ojú ewé rẹ̀.