Èsì afẹ́fẹ́ ní 0.33 kò kọjá òfin, àmọ́ fọ́málíìnì ṣì ń ta mí lójú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÀdùnníHústọ̀n: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láàbù tí a ti ń gé ẹran ara aláìsàn fún àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, inú fọ́málíìnì la sì ń bá wọn. Wọ́n so bájì tó ń wọn fọ́málíìnì inú afẹ́fẹ́ mọ́ mi lọ́rùn aṣọ láti aago 8 àárọ̀ di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Èsì dé: 0.33 ppm, ìyẹn ìpín 0.33 nínú mílíọ̀nù kan. Ọ̀gá ní ààlà OSHA, àjọ ààbò ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, jẹ́ 0.75, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń da omi inú àwọn ike àtijọ́ nù, ojú a máa ta mí, ọ̀fun a máa yún mi. Irú àyẹ̀wò wo ni kí n bèèrè fún?

Ìyá Tómi: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ra ìbòmú tó nípọn, irú èyí tí a lò nígbà kòrónà, kí o wọ méjì léra. Ojú tó ń ta, máa fi omi tútù bọ̀ ọ́.

BàbáLékàn: Àbúrò, mo ti ṣe iṣẹ́ ààbò nílé iṣẹ́ fún ọdún 6. 0.33 kò tó ìdajì ààlà. Kò tilẹ̀ dé 0.5, níbi tí òfin ti ní kí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ léraléra. Òótọ́ ni ọ̀gá rẹ sọ. Ó lè jẹ́ pé ara tìrẹ ni kò gba fọ́málíìnì, lọ rí dókítà.

Òṣùwọ̀n: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ tí mo ń jẹ nìyí ní Mánṣẹ́sítà, afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ ni mò ń wọ̀n.

Ìyá Tómi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìbòmú kòrónà kì í dá fọ́málíìnì dúró. Eruku àti itọ́ ló ń mú. Ohun tó ń ta á lójú ti di afẹ́fẹ́, yóò gba inú aṣọ náà kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìbòmú tó ní àgò tí wọ́n ṣe fún fọ́málíìnì gan-an ló lè mú un.

BàbáLékàn, iye tí ẹ kà kò ṣìnà. Ibi tí ẹ dúró sí ni mi ò bá yín dúró. Òfin OSHA lórí fọ́málídíháìdì, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára fọ́málíìnì, ní ààlà méjì. 0.75 jẹ́ ti àròpín wákàtí 8, òun ni wọ́n ń kọ TWA sí lórí ìwé èsì. Èkejì jẹ́ 2 ppm fún ìṣẹ́jú 15 èyíkéyìí láàárín ọjọ́, òun ni STEL. Èsì tí Àdùnní gbà dá ìbéèrè àkọ́kọ́ lóhùn. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè èkejì.

Bájì náà ń gba afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, ó ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Tí wọ́n bá ṣí i ní láàbù, àpapọ̀ ni wọ́n ń rí. Kò lè sọ fún wọn pé aago 10 le ju aago 2 lọ. Bí ẹni tó jẹ iyọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ nínú ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni: tí o bá pín in sí mẹ́jọ, yóò dà bíi pé ọbẹ̀ náà dùn.

Àdùnní, ẹ̀ẹ̀melòó lò ń da ike nù lójúmọ́, báwo ló sì ti ń pẹ́ tó?

ÀdùnníHústọ̀n: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ní aago 10, ike bí 40. Ní aago 3, ike bí 15. Kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Síǹkì lásán ni mo ń dà á sí, kò sí ohun tó ń fa èéfín níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n: Wò ó báyìí. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ká ní ìgbà tí o bá ń da ike nù, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ jẹ́ 3.4 ppm, tí ìyókù ọjọ́ sì jẹ́ 0.12 péré:

```
(3.4 × 30 + 0.12 × 450) ÷ 480 = 0.325
```

0.33 náà ló jáde, gẹ́lẹ́ bíi ti ìwé rẹ, 3.4 sì ti kọjá 2 lọ fíìfíì. Mi ò sọ pé bó ṣe rí nílé iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé èsì tí ọ̀gá mú dání kò lè ta ko irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bèèrè fún bájì tuntun tí wọ́n á ṣí nígbà tí o bá gbé ike àkọ́kọ́, tí wọ́n á pa dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Kí wọ́n bi láàbù wọn tẹ́lẹ̀ bóyá bájì yẹn lè rí ohun tó tó láti kà láàárín ìṣẹ́jú 15, nítorí tí kò bá lè rí i, èsì òfìfo ni wọn yóò fún ọ.

Kọ́láMítà: Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú pẹ̀lú bájì? Mo ra mítà kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lójú ẹsẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà hàn. Gbé e sẹ́bàá síǹkì, tó bá ti fi 4 hàn, òfin ti ṣẹ́ nìyẹn, ya fọ́tò rẹ̀.

Ṣẹ̀gilọlá: Kọ́lá, rárá o. Mo ti lo irú mítà yẹn ní láàbù kan ní Mẹ́rílándì. Gbàrà tí ẹnì kan ṣí ìgò ọtí tí a fi ń fa omi kúrò lára ẹran ara, mítà fò sókè, fọ́málíìnì kankan kò sì sí nítòsí. Ọtí máa ń tàn án jẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá kan kì í ṣe ìṣẹ́jú 15. Mítà lè fi 4 hàn fún ìṣẹ́jú méjì kí àròpín ìṣẹ́jú 15 má sì pé 1. Ó wúlò láti fi wá ibi tí èéfín ti ń jáde, kì í ṣe láti fi dájọ́.

Ará Mọ́kọ́lá: Ilé òkú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọdún 11 rèé. Kò sẹ́ni tó gbé bájì wá rí. Níbẹ̀rẹ̀ ojú mi máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, báyìí ó ti mọ́ mi lára, mi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ṣé ó túmọ̀ sí pé ara mi ti le sí i?

Òṣùwọ̀n: Ará Mọ́kọ́lá, rárá. Imú ló rẹ̀, kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ dín. Fọ́málídíháìdì wà lára ohun tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kà sí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, kò sì dúró de ìgbà tí imú bá gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ike sílẹ̀ láìdé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí ojú ewé tirẹ̀ kí n lè dáhùn dáadáa.

ÀdùnníHústọ̀n: Ẹ̀gbọ́n Òṣùwọ̀n, mo rántí ohun kan. Tí mo bá fẹ́ da ike nù, mo máa ń wọ épúrọ́ọ̀nù ọ̀rá lé kóòtù láàbù mi. Ara kóòtù ni wọ́n so bájì náà mọ́. Abẹ́ ọ̀rá ló wà nígbà méjèèjì.

Òṣùwọ̀n: Ó ṣeun tí o sọ ọ́, ìyẹn yí ìṣirò mi padà. Abẹ́ ọ̀rá, afẹ́fẹ́ kì í lọ kì í bọ̀, bájì irú yìí sì nílò kí afẹ́fẹ́ máa kọjá níwájú rẹ̀. A jẹ́ pé 30 ìṣẹ́jú tó burú jù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú 0.33 yẹn. Ọ̀nà méjì ló ń bà mí lẹ́rù: a kò mọ iye tó wà níbi síǹkì, ìyókù ọjọ́ fúnra rẹ̀ sì tó bíi 0.33, èyí tó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Bájì kan fún odindi ọjọ́, lórí épúrọ́ọ̀nù, lọ́rùn, kò gbọdọ̀ jìnnà sí imú ju nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Bájì kan fún ìṣẹ́jú 15 àárọ̀, òmíràn fún ti ìrọ̀lẹ́. Bájì kan tí a kò ṣí rárá, kó bá wọn lọ sí láàbù, kí wọ́n lè mọ ohun tó ti wà lára bájì tẹ́lẹ̀. Fúnra rẹ ni kí o kọ aago tí wọ́n ṣí i àti aago tí wọ́n pa á dé. Òfin gbà kí òṣìṣẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

*Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà*

ÀdùnníHústọ̀n: Èsì ti dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Odindi ọjọ́: 0.41. Ìṣẹ́jú 15 àárọ̀: 2.3. Ìrọ̀lẹ́: 0.9. Bájì tí a kò ṣí mọ́ tónítóní. Ọ̀gá ní 2.3 ṣì lè jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ.

BàbáLékàn: Àbúrò, mo gbà pé mo yára. Mi ò bi ọ́ bó ṣe ń lọ níbi síǹkì.

Òṣùwọ̀n: Ká kọ́kọ́ wo odindi ọjọ́. Yọ ìgbà ike kúrò nínú 0.41, kí o wo ohun tó kù:

```
(0.41 × 480 − 2.3 × 15 − 0.9 × 15) ÷ 450 = 0.33
```

Iye tí bájì abẹ́ ọ̀rá mú wá nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, mi ò ní búra lé e, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé nǹkan kan ń tú fọ́málíìnì sáfẹ́fẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ kódà tí ẹnikẹ́ni kò bá da nǹkan nù. Níbo lẹ ń kó àwọn ike tó ń dúró de ìgbà ìdànù sí?

ÀdùnníHústọ̀n: Pákó kan ni, lẹ́yìn àga mi. Àwọn ìdérí kan kì í dé dáadáa.

Ṣẹ̀gilọlá: Ẹ wo ibẹ̀! Ṣùgbọ́n lórí 2.3, ọ̀gá ní ẹ̀tọ́ díẹ̀. Òfin gba kí ọ̀nà ìwọ̀n náà ṣìnà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. 2.3 lè jẹ́ 1.7, ó sì lè jẹ́ 2.9. Èmi yóò tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì sí i kí n tó sọ pé ó kọjá.

Òṣùwọ̀n: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn yẹn ni mi ò sí. Bí a bá ń ro ti ìtanràn, ìyẹn ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n àṣìṣe náà lè gbé e lọ sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe lè gbé e wá sílẹ̀, ojú Àdùnní sì ti ń ta. Ọjọ́ kan péré ni a sì wọ̀n, bóyá ọjọ́ tó fúyẹ́ ni. Ẹ gbé ìdànù lọ sínú àpótí tó ń fa èéfín ní kíákíá, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Kò sídìí láti fi imú ọmọ náà gba èsì méjì sí i.

Ṣẹ̀gilọlá: Tí ẹ bá tún un ṣe kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ kò ní mọ bó ṣe burú tó tẹ́lẹ̀, ọ̀gá á sì ní kò burú rí. Ẹni tó bá ṣàìsàn lẹ́yìn ọ̀la á nílò ìwé yẹn.

ÀdùnníHústọ̀n: Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì wọ̀ mí létí. Mo ti gba ẹ̀dà èsì àkọ́kọ́ àti ìkejì, mo fi ohun tí mo rí nípa épúrọ́ọ̀nù kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ní a lè máa lo àpótí tó wà ní yàrá kejì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ máa ru ike 40 kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á tún so bájì mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo á kọ èsì rẹ̀ síbí.