Òòlù dókítà kò mú ẹsẹ̀ màmá mi ta, àmọ́ wọ́n tẹ ẹ̀gún, wọ́n fà á sókè kíá

Ọmọ Màmá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti lé ní 60 ọdún, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Dókítà fi òòlù onírọ́bà lu ìsàlẹ̀ eégún orúnkún wọn, ẹsẹ̀ ta síwájú. Ó lu iṣan òkè gìgísẹ̀, ẹsẹ̀ kò mira rárá. Ó ní àtọ̀gbẹ ti ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Àná, wọ́n tẹ ẹ̀gún lẹ́yìnkùlé, kíá ni wọ́n fa ẹsẹ̀ sókè. Bí iṣan ìmọ̀lára bá ti bàjẹ́, kí ló wá fa ẹsẹ̀ sókè?

Nọ́ọ̀sì Bọ̀sẹ̀: Ọpọlọ ló ń pàṣẹ méjèèjì. Bí màmá bá ń wo òòlù, ẹsẹ̀ á le. Kí wọ́n fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ra, kí wọ́n máa fà á, kí dókítà tún un lù.

Fisíò Àkúrẹ́: Ìka kíkọ́ yẹn dáa, èmi náà máa ń lò ó. Àmọ́ ọpọlọ kọ́ ló ń pàṣẹ, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí. Àárín ẹran ẹsẹ̀ ni àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ kan wà tí à ń pè ní sípíńdù. Bí òòlù bá lu iṣan òkè gìgísẹ̀, ẹran á nà díẹ̀, sípíńdù á nà pẹ̀lú rẹ̀, iṣan ìmọ̀lára tó nípọn á sì gbé ìròyìn lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó máa ní kí ẹran náà sún kì. Kò sí alágbàtà láàárín wọn. Ti ẹ̀gún yàtọ̀: láti awọ ara ló ti wá, iṣan tínínrín ló gbé e, ó sì gba ọwọ́ alágbàtà bíi mélòó kan. Wọ́n á ní kí ẹsẹ̀ yìí ká sókè, kí èkejì le, kí ènìyàn má baà ṣubú. Iṣan tó gùn jù ni àtọ̀gbẹ sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, ìyẹn ló fi lè mú gìgísẹ̀ ṣáájú orúnkún. Ó jọ pé àwọn tínínrín tiwọn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Ìjẹ̀bú: Ẹsẹ̀ òsì mi tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹ kàn fọwọ́ kàn án, ó ta bí ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! Ṣé àtọ̀gbẹ lèmi náà ní?

Fisíò Àkúrẹ́: Rárá, bàbá. Ìjánu tí ọpọlọ fi ń di ọ̀pá ẹ̀yìn mú ló já. Ìdàkejì ti màmá ni.

Ọmọ Màmá: Ṣé ó lè jẹ́ ọjọ́ orí lásán?

Fisíò Àkúrẹ́: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti gìgísẹ̀ máa ń pòórá lára àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá. Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ló lù?

Ọmọ Màmá: Ọ̀tún nìkan ni mo rí.

Fisíò Àkúrẹ́: Ẹ padà lọ, kó lu òsì. Bí òsì bá ta, iṣan tó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wá ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Kó tún fi fọ́ọ̀kì dókítà tó ń gbọ̀n kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn, kó wò ó bóyá wọ́n mọ gbígbọ̀n náà lára.

Nọ́ọ̀sì Bọ̀sẹ̀: Ẹ̀gún yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ti yọ ọ́ tán? Ẹ bá mi wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lónìí.